Inṣa Allahu Kì Í Ṣe “Rárá”

Bí ẹnìkan bá ní kí o wá bá òun kàwé nírọ̀lẹ́, tí o sì mọ̀ lọ́kàn ara rẹ pé o kò ní í lọ, kí lo máa ń sọ? “Inṣa Allahu.” Bí ẹni tí o jẹ lówó bá béèrè ìgbà tí o máa san án, ìdáhùn rẹ náà ni “Inṣa Allahu.” Bí olórí ẹgbẹ́ bá kéde ìpàdé, ẹni tí kò ní í yọjú ni inṣa Allahu tirẹ̀ máa ń ròkè jù. Láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, ọ̀rọ̀ náà ti wá di ẹ̀fẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rẹ́rìn-ín, á ní, “Jọ̀ọ́, má fi inṣa Allahu dá mi lóhùn. Ṣé o ń bọ̀ ni àbí o ò bọ̀?”

Mùsùlùmí ń ṣe é, Krìsìtẹ́nì ń ṣe é. Èyí tó wá sún wa kọ àròkọ yìí ni pé àwọn kan ti ń gbèjà rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀nà ọmọlúàbí láti sọ pé “rárá” ni, pé kò dáa kéèyàn kọ ọ̀rọ̀ sí ọmọnìkejì rẹ̀ lẹ́nu, nítorí náà kí a fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run rọ̀ ọ́. Wọ́n tún ní àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ a máa yí padà.

Òótọ́ ni, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ a máa yí padà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí inṣa Allahu kì í ṣe ìyípadà ìtumọ̀. Bí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ bá yí padà, ẹni tó sọ ọ́ àti ẹni tó gbọ́ ọ ni wọ́n jọ máa ń mọ ìtumọ̀ tuntun náà. Níbí, ẹni tó ń sọ ọ́ ní “rárá” lọ́kàn, ó sì fẹ́ kí ẹni tó ń gbọ́ ọ gbọ́ “bẹ́ẹ̀ ni”. Bí olùgbọ́ bá gbọ́ “rárá” lójú ẹsẹ̀, ìdáhùn náà kò ní í wúlò fún ẹni tó fi ń sá fún ọ̀rọ̀. Ayédèrú owó kò lè ná bí kò bá sí ojúlówó. Ìtumọ̀ àtijọ́ yẹn ṣì wà láàyè, òun gan-an ni wọ́n sì fi ń tan èèyàn.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá mẹ́ta ló wà níbẹ̀. “In” ni “bí” tí a fi ń sọ pé bí nǹkan bá rí báyìí. “Ṣáà” ni ọ̀rọ̀ ìṣe tó túmọ̀ sí “fẹ́”. “Allahu” ni olùwà, òun ni ẹni tó fẹ́. Nítorí náà, “bí Ọlọ́run bá fẹ́” ni. Ẹni tó kọ́ gírámà yóò rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé gbólóhùn yìí kò lè dá dúró. Awẹ́ gbólóhùn tó ń fara ti òmíràn ni. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ó gbọ́dọ̀ ní olórí awẹ́ gbólóhùn: “màá wá”, “màá san owó rẹ”, “a ó pàdé ní aago mẹ́rin”. Nínú olórí awẹ́ yẹn ni ìlérí wà. Inṣa Allahu kò rọ́pò ìlérí, ẹ̀yìn ìlérí ló ń tẹ̀ lé.

Níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá nínú Kùránì, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Nínú Súrà Kahafi, tó jẹ́ ìkejìdínlógún, ní ẹsẹ 23 àti 24, Ọlọ́run kìlọ̀ fún Ànábì Mùhámádù pé kó má ṣe sọ nípa ohunkóhun pé òun yóò ṣe é lọ́la, àyàfi kó fi ìfẹ́ Ọlọ́run kún un. Àwọn onítumọ̀ Kùránì ṣàlàyé pé wọ́n bi Ànábì léèrè nípa àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó sùn sínú ihò, ó sì ní òun yóò dá wọn lóhùn ní ọjọ́ kejì, láì sọ inṣa Allahu. Ìmísí kò tètè dé mọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ kíyè sí ohun tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ìmísí dé, ìdáhùn náà dé pẹ̀lú rẹ̀, ó sì wà nínú Súrà yẹn kan náà títí dòní. A kò kọ́ ọ pé kó má ṣèlérí mọ́. Ohun tí a kọ́ ọ ni pé kó ṣèlérí, kó sì rántí ẹni tó ni ọ̀la.

Àwa Yorùbá mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ wa ní Lárúbáwá. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Babaláwo yẹn kò torí pé ọ̀la kò dájú kó wá jókòó sílé láìṣe nǹkan kan. Ó ń dífá nítorí pé ó ní ohun tó fẹ́ ṣe.

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé “bóyá” ni inṣa Allahu túmọ̀ sí, kó gbé ibi méjì yìí wò. Àkọ́kọ́ wà nínú Súrà Fáttì, ìkejìdínláàádọ́ta, ẹsẹ 27. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ń ṣèlérí níbẹ̀ fún àwọn onígbàgbọ́ pé dájúdájú wọn yóò wọ Mọ́sáláṣí Abọ̀wọ̀ ní Mẹ́kà ní ìfọ̀kànbalẹ̀, inṣa Allahu sì wà nínú ìlérí náà. Ta ló máa sọ pé Ọlọ́run ń ṣiyèméjì nípa ìfẹ́ ara rẹ̀? Èkejì ni ohun tí Ànábì kọ́ àwọn ènìyàn láti máa sọ bí wọ́n bá dé itẹ́ òkú, èyí tó wà nínú àkójọ hádíìsì ti Músílíìmù. Wọ́n á kí àwọn òkú, wọ́n á sì sọ pé àwa náà yóò wá bá yín, inṣa Allahu. Ikú kọ́ ni ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ pé bóyá òun á kú, bóyá òun ò ní í kú. Ohun tó dájú jù láyé ni wọ́n fi gbólóhùn náà kún.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ojú pópó. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìkọ̀lé gbé àǹkárá lọ fún aránṣọ. Ọjọ́ Sátidé ni òde tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ. Ó ti san ìlàjì owó iṣẹ́. Ó wá béèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ni kí n wá gbà á?” Ìdáhùn mẹ́ta ló lè gbọ́.

Èkíní: “Wá ní ọjọ́ Jimọ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì, inṣa Allahu.” Yọ inṣa Allahu kúrò, kí o wo ohun tó ṣẹ́ kù: “Wá ní ọjọ́ Jimọ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì.” Odindi gbólóhùn ṣì ni, ọjọ́ àti àsìkò wà níbẹ̀. Bí iná bá lọ látàárọ̀ ọjọ́ Jimọ̀, tí kò sì sí epo fún jẹnẹrétọ̀, aránṣọ yìí kò purọ́. Ohun tó pinnu láti ṣe ni nǹkan mìíràn dí i lọ́wọ́, ohun tí inṣa Allahu sì wà fún nìyẹn.

Èkejì: “Á ti ṣe tán kí o tó lọ òde, inṣa Allahu.” Yọ ọ́ kúrò. Gbólóhùn ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n kò ní ọjọ́, kò sì ní wákàtí. Ìlérí ni, àmọ́ kò le. Bi í ní ọjọ́, kí o tó kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta: “Inṣa Allahu.” Yọ ọ́ kúrò, kò sí ohun tó kù. Aránṣọ yìí kò tíì sọ̀rọ̀ rárá. Ó mẹ́nu ba Ọlọ́run, kò mẹ́nu ba aṣọ. Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn á wá padà délé, á ní wọ́n ti ṣèlérí fún òun. Ní ọjọ́ Sátidé ni yóò tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ṣèlérí nǹkan kan.

Òṣùwọ̀n tí a fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́ nìyẹn: yọ ọ́ kúrò, kí o wo ohun tó kù. Kì í ṣe aránṣọ nìkan ni a lè fi wọ̀n, a lè fi wọn ara wa. Bí olórí ẹgbẹ́ bá ní kí o wá sí ìpàdé, tí ìdáhùn rẹ sì jẹ́ inṣa Allahu lásán, ìwọ gan-an ni aránṣọ ẹ̀kẹta yẹn.

Àwọn tó gbọ́ ẹ̀sìn díẹ̀ á bi wá pé, “Ṣebí inṣa Allahu ló ń tú èèyàn sílẹ̀ nínú ìbúra?” Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ ká fò ó. Hádíìsì wà lóòótọ́, Abú Dáwúdà àti Tírímísì gbà á wá, pé ẹni tó bá búra tó sì so inṣa Allahu mọ́ ọn, kò da ìbúra bí kò bá ṣe ohun tó búra lé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n tú u sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá da ìbúra ní ìtánràn lọ́rùn. Súrà karùn-ún, ẹsẹ 89, là á sílẹ̀ pé kó bọ́ tálákà mẹ́wàá tàbí kó fi aṣọ wọ̀ wọ́n tàbí kó dá ẹrú kan sílẹ̀, bí kò bá sì lágbára rẹ̀, kó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ìtánràn yìí, tó wà láàárín òun àti Ọlọ́run, ni inṣa Allahu mú kúrò. Kò mú gbèsè kúrò. Kò mú ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì kúrò. Bí o bá jẹ mí ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, kò sí ẹgbẹ̀rún inṣa Allahu tó lè dín in kù.

Òmíràn tún wà lórí rẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ tó sì ní in lọ́kàn láti ṣe é ni hádíìsì yẹn ń bá wí. Ẹni tó ti mọ̀ kó tó lanu pé òun kò ní í ṣe é, hádíìsì mìíràn ló kàn án, èyí tí Bùkárì àti Músílíìmù jọ gbà wá, tó ka irọ́ pípa àti ìlérí dídà mọ́ àmì mùnáfíkì. A kò pe ẹnikẹ́ni ní mùnáfíkì. Ohun tí à ń sọ ni pé bí ẹnìkan bá fẹ́ fi ẹ̀sìn gbèjà àṣà yìí, inú ẹ̀sìn náà ni wọ́n ti máa dá a lẹ́bi.

Nígbà tí èyí ń lọ lọ́wọ́, orí ohun mìíràn ni àwọn kan ń bá ara wọn jà lé. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan máa ń kiri lórí Wasáàpù pé ẹni tó bá kọ inṣa Allahu papọ̀ ti sọ ọ̀rọ̀ àìgbàgbọ́, pé ó ti sọ pé “dídá Ọlọ́run”. Ìdí kan wà tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ ọ́, ọ̀rọ̀ méjì ni “in” àti “ṣáà”. Bí a bá so wọ́n pọ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ló máa jáde, èyí tó túmọ̀ sí dídá nǹkan sílẹ̀ tàbí kíkọ àròkọ. Nítorí náà, ẹni tó ń fi Lárúbáwá kọ̀wé gbọ́dọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ti Lárúbáwá. Bí a ṣe ń pe é ni à ń gbìyànjú láti kọ, kò sì sí ẹni tí àlàfo kan yóò sọ di kèfèrí. Ó yà wá lẹ́nu pé ẹnìkan lè bínú nítorí àlàfo inú ọ̀rọ̀, kó má sì bínú nítorí ìlérí tí ọ̀rọ̀ náà ń gbé.

Maṣa Allahu, tó dà bí àbúrò rẹ̀, kò bọ́ lọ́wọ́ wa. “Ohun tí Ọlọ́run fẹ́” ló túmọ̀ sí. “Máà” tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni “ohun tí”, kì í ṣe “bí”. Ohun tó ti wà nílẹ̀ ni à ń sọ ọ́ sí, inṣa Allahu sì ni ti ohun tó ń bọ̀. Ẹni tó sọ pé “Maṣa Allahu, màá yege lọ́dún yìí” ti gbé àpò aṣọ wọ̀ sódì. Ẹni tó sọ pé “Inṣa Allahu, mo ti yege” náà ṣe bákan náà.

Inú Súrà Kahafi náà ni maṣa Allahu wà, ní ẹsẹ 39, nínú ìtàn ọkùnrin méjì kan. Ọ̀kan ní ọgbà àjàrà méjì, ó wọ inú ọgbà rẹ̀, ó ní òun kò rò pé èyí lè parun láéláé. Ẹnìkejì rẹ̀ bi í pé kí ló dé tí kò sọ maṣa Allahu nígbà tó wọlé, kó sì gbà pé kò sí agbára kankan àyàfi ti Ọlọ́run. Ọgbà náà parun. Ẹ wo ẹni tí wọ́n ní kó sọ ọ́: ẹni tó ni ọgbà gan-an ni. Ohun tí maṣa Allahu ń ṣe ni pé ó ń gba ìgbéraga lọ́wọ́ olóhun. Àwa ti yí i padà di ariwo tí à ń pa lábẹ́ fọ́tò ọ̀rẹ́ wa tó wọ aṣọ tuntun.

Kò burú láti sọ ọ́ sí ohun ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ojú burúkú là ń bẹ̀rù, ọ̀rọ̀ mìíràn ni Ànábì pàṣẹ. Ìtàn náà wà nínú Múwátà ti Ìmáàmù Málíkì: ọkùnrin kan rí Sáàlì ọmọ Hùnáífù níbi tó ti ń wẹ̀, ó yin àwọ̀ ara rẹ̀, Sáàlì sì ṣubú lulẹ̀ láìsàn. Ànábì bi ẹni tó yìn ín pé kí ló dé tí kò tọrọ ìbùkún fún un. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó wà fún ìbùkún níbẹ̀ ló bí “àlùbáríkà” tí gbogbo Yorùbá mọ̀. Nítorí náà, bí o bá rí ọmọ tuntun tó sanra, “Maṣa Allahu” dáa, àmọ́ “Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i” ló kún. Ìyá ọmọ náà á sì ṣe àmín sí i, èyí tí kò lè ṣe sí maṣa Allahu.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn ọ̀rẹ́ wa Krìsìtẹ́nì, tí wọ́n pọ̀ jù wá lọ ní apá Èkìtì yìí. Àwọn kan nínú wọn ń sọ inṣa Allahu gẹ́gẹ́ bí ẹ̀fẹ̀, àwọn mìíràn sì ń bá àwọn yẹn wí pé ọ̀rọ̀ Mùsùlùmí ni. Kò sí ẹni tó ní dandan kí Krìsìtẹ́nì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ṣàjèjì sí Bíbélì. Nínú Ìwé Jákọ́bù, orí kẹrin, ẹsẹ 13 sí 15, wọ́n bá àwọn oníṣòwò wí pé wọ́n ń pète ọdún kan gbáko nínú ìlú tí wọn kò tíì dé, wọ́n sì ní ohun tó yẹ kí wọ́n sọ ni pé bí Olúwa bá fẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Àwọn Krìsìtẹ́nì Íjíbítì àti Lẹ́bánónì tí Lárúbáwá jẹ́ èdè abínibí wọn ń sọ inṣa Allahu lójoojúmọ́. Àwọn Potogí gbà á lọ́wọ́ àwọn Lárúbáwá tó ṣàkóso ilẹ̀ wọn rí, wọ́n sọ ọ́ di “oṣalá”, tí wọ́n fi ń sọ pé “ìbá wu Ọlọ́run”. Nígbà tí ó wá dé Bràsíìlì, ó bá Òrìṣàálá tiwa níbẹ̀, bákan náà ni wọ́n sì ń kọ orúkọ méjèèjì sílẹ̀ títí dòní. Nílé níbí náà, àdúrà, wòlíì àti àlùfáà, Lárúbáwá ni gbogbo wọn ti wá, Bíbélì Yorùbá sì kún fún wọn.

Kí Krìsìtẹ́nì tó bá fẹ́ wí pé “bí Olúwa bá fẹ́” wí bẹ́ẹ̀. Òfin kan náà ló ń darí rẹ̀. “Lágbára Ọlọ́run” lásán, tí kò sí ọjọ́, tí kò sí wákàtí lẹ́yìn rẹ̀, àti inṣa Allahu aránṣọ ẹ̀kẹta yẹn, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Àwọn tó ní ọmọlúàbí ló fa á, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi kọ nǹkan láìdun ẹlòmíràn ni? “Ẹ má bínú, ọwọ́ mi dí.” “Ẹ jẹ́ n wò ó ná.” “Kò sí i lọ́wọ́ mi báyìí.” “Ẹ bá mi bẹ àwọn yòókù, mi ò ní í lè wá.” Àwọn àgbà ń fi ìwọ̀nyí sọ̀rọ̀ láti ayébáyé, kò sì sí ẹni tó pè wọ́n ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó gbọ́ “mi ò ní í lè wá” lè wá ẹlòmíràn. Ẹni tó gbọ́ inṣa Allahu á jókòó dè ọ́.

Nítorí náà, bí o bá ń bọ̀, sọ pé o ń bọ̀, sọ aago tí o máa dé, kí o wá fi inṣa Allahu dí i. Bí o kò bá ní í wá, “rárá” ni kí o sọ, kí o sì fi Ọlọ́run sílẹ̀ nínú rẹ̀.